Ọ̀nà mẹ́rin láti mọ ìpín owó tó máa mì kéré jù láàárín ṣíà méjì: èwo ló bá yín mu?

Iyàn ńlá ló bẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa lọ́jọ́ tá a fẹ́ fi díẹ̀ lára owó tó wà nílẹ̀ ra ṣíà. Ṣíà méjì la ti fọwọ́ sí: ọ̀kan jẹ́ ti báńkì, èkejì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe epo pupa. Àwọn kan ní ká dá owó náà sí méjì ọgbọọgba, kó má bàa sí pé ẹnì kan jàre ẹnì kan jẹ̀bi. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní rárá o, pé ṣíà báńkì yẹn ń fò sókè sódò jù, kí gbogbo owó máa lọ sọ́dọ̀ elépo tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Èmi tí mo jẹ́ akápò ni wọ́n ní kí n lọ ṣírò ó wá. Nígbà tí mo ṣírò ó tán, ìhà méjèèjì ló ṣì í.

Ohun tá à ń wá níbí kì í ṣe ìpín tó máa mú èrè tó pọ̀ jù wá. Ìpín tí àpapọ̀ owó náà máa fi mì kéré jù lọ là ń wá, ìyẹn ìpín tí èrè oṣù kan kò fi ní jìnnà púpọ̀ sí ti oṣù kejì. Harry Markowitz ló la ọ̀nà ìṣirò yìí nínú àpilẹ̀kọ kan tó kọ lọ́dún 1952, òun sì wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀-ajé lọ́dún 1990. Ohun tó rí ni pé kò tó kéèyàn mọ bí ṣíà kọ̀ọ̀kan ṣe ń mì, ó tún gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá wọ́n jọ ń mì síbì kan náà.

Ọ̀nà mẹ́rin ni mo ti lò tí mo lè sọ̀rọ̀ lé lórí: àtẹ ìdánwò, fọ́múlà, Solver inú Excel, àti èyí tí mo ń pè ní ọ̀nà ìyàtọ̀. Tí ìṣirò bá lọ déédéé, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn máa fún yín, torí náà ẹ má fi ìyẹn dá wọn yàtọ̀. Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n ni iye àkókò àti owó tí wọ́n ń gbà, bó ṣe rọrùn tó láti ṣì wọ́n ṣe láìfura, bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà tí ìdáhùn bá jẹ́ ohun tí kò ṣeé ṣe lọ́jà, àti bóyá wọ́n máa sọ fún yín bí ìdáhùn náà ṣe dá wọn lójú tó. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lójú tèmi.

Nọ́ńbà tá a máa lò

Mi ò ní gbé iye tiwa gan-an síta. Mo ti pààrọ̀ àwọn nọ́ńbà náà kí ìṣirò lè dọ́gba, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí kò yí padà. A ni báńkì, B ni elépo. Èrè tàbí àdánù oṣù mẹ́fà rèé, lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan:

```
Oṣù    A    B
 1     6   -1
 2    -3    4
 3     7    4
 4    -4   -3
 5     7    0
 6    -1    2
```

Ẹ kíyè sí i pé èrè la kọ síbẹ̀, kì í ṣe iye owó ṣíà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe irú iṣẹ́ yìí, iye owó ṣíà ni mo kó sínú ìwé ìṣirò. Nígbà tó jẹ́ pé ṣíà méjèèjì ń lọ sókè lọ́dún náà, ó dà bíi pé ìbejì ni wọ́n. Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó mọ̀ pé asán ni gbogbo ohun tí mo ṣe.

Nínú àtẹ yìí, A ń mú 2 wọlé lóṣù kan tá a bá pín in dọ́gba, B ń mú 1 wọlé. Nǹkan mẹ́ta péré la nílò lẹ́yìn ìyẹn. Àkọ́kọ́ àti èkejì ni fáríáńsì ṣíà kọ̀ọ̀kan, tó ń wọn bó ṣe ń mì. Ẹ wo ti B: ẹ yọ 1 kúrò nínú èrè oṣù kọ̀ọ̀kan, ẹ máa rí -2, 3, 3, -4, -1 àti 1. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 4, 9, 9, 16, 1, 1. Àròpọ̀ wọn jẹ́ 40. Ẹ fi oṣù mẹ́fà dín kan pín in, ìyẹn 5, ó di 8. Tẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún A, 27.2 lẹ máa bá. Tẹ́ ẹ bá wá gbòǹgbò wọn, B ń mì ní nǹkan bíi 2.8 lóṣù, A ń mì ní 5.2. Òótọ́ ni bàbá yẹn sọ níbi tó dé yìí.

Ẹ̀kẹta ni kofáríáńsì, tó ń wọn bóyá wọ́n jọ ń rìn. Dípò kẹ́ ẹ fi ìyàtọ̀ B sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi sọ ìyàtọ̀ A ti oṣù kan náà di púpọ̀. Oṣù kìíní jẹ́ 4 lọ́nà -2, ìyẹn -8. Àwọn tó kù jẹ́ -15, 15, 24, -5 àti -3. Àròpọ̀ gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8, ẹ fi 5 pín in, ó di 1.6. Ó kéré. Ìyẹn ni pé méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jọ rìn: oṣù kejì, A ṣubú, B dìde.

Àtẹ ìdánwò

Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni tó mọ ìṣirò alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe nìyí. Ẹ mú ìpín kan, ẹ wo bí àpapọ̀ owó ì bá ṣe rí lóṣooṣù, ẹ wá fáríáńsì rẹ̀. Ẹ mú òmíràn, ẹ tún un ṣe. Ká ní 20% lọ sí A, 80% lọ sí B. Oṣù kìíní, ìdá 0.2 lára 6 jẹ́ 1.2, ìdá 0.8 lára -1 jẹ́ -0.8, àpapọ̀ rẹ̀ 0.4. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe é dé oṣù kẹfà: 0.4, 2.6, 4.6, -3.2, 1.4, 1.4. Fáríáńsì èyí jẹ́ 6.72. Ohun tí mo rí nígbà tí mo to gbogbo rẹ̀ nìyí:

```
Ìpín A    Fáríáńsì    Ìmì lóṣù
   0%       8.00        2.83
  10%       7.04        2.65
  20%       6.72        2.59
  30%       7.04        2.65
  40%       8.00        2.83
  50%       9.60        3.10
 100%      27.20        5.22
```

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́ àti ìlà kẹta. Tí gbogbo owó bá wà lọ́wọ́ elépo, ìmì jẹ́ 2.83. Tẹ́ ẹ bá mú ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀, tẹ́ ẹ fi ra ṣíà báńkì tó ń fò kiri, ìmì lọ sílẹ̀ sí 2.59. Ohun tó ń mì jù lẹ fi kún un, ara owó sì tún balẹ̀ sí i. Ìdáhùn tí mo fún bàbá nìyẹn. Ẹ tún wo ìlà 40%: bákan náà gan-an ló ń mì pẹ̀lú ẹni tí kò ra A rárá, àmọ́ 1.4 ló ń mú wọlé lóṣù níbi tí ẹni yẹn ń mú 1. Àwọn tó ní ká pín in dọ́gba kò jìnnà jù sí òótọ́, ṣùgbọ́n 3.10 ju ti elépo nìkan lọ.

Àtẹ yìí kò náni ní nǹkan kan ju ìwé àti àkókò lọ, ó sì ṣòro láti ṣì í ṣe láìmọ̀, torí tẹ́ ẹ bá ṣìṣe ní ìlà kan, ìlà yẹn máa yọ gọńgọ láàárín àwọn tó kù. Ohun tí mo tún fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ó ń fi hàn pé ìmì ń lọ sílẹ̀, ó tún ń gòkè bí inú ìkòkò, àti pé ìsàlẹ̀ ìkòkò náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Láti 10% dé 30%, ìyàtọ̀ ìmì kò ju 0.06 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá ń bá yín jà lórí pé 19.7% ni kì í ṣe 20%, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé tí ṣíà bá di mẹ́ta, àtẹ náà á di ìdílé olórogún, ẹ ò ní mọ ibi tẹ́ ẹ máa wò mọ́.

Fọ́múlà

Fún ṣíà méjì, fọ́múlà kan wà tó ń gbé ìdáhùn jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Tí VA àti VB bá jẹ́ fáríáńsì méjèèjì, tí C sì jẹ́ kofáríáńsì, ìpín A nìyí:

```
w = (VB - C) / (VA + VB - 2*C)
```

Ẹ fi nọ́ńbà wa sí i: 8 yọ 1.6 jẹ́ 6.4. Nísàlẹ̀, 27.2 àti 8 jẹ́ 35.2, ẹ yọ 3.2, ó ku 32. Ẹ fi 32 pín 6.4, ó jẹ́ 0.20 géérégé. Lórí Excel tàbí Google Sheets, tí èrè A bá wà ní B2 dé B7, tí ti B sì wà ní C2 dé C7:

```
=(VAR.S(C2:C7)-COVARIANCE.S(B2:B7,C2:C7))/(VAR.S(B2:B7)+VAR.S(C2:C7)-2*COVARIANCE.S(B2:B7,C2:C7))
```

Kò sí èyí tó yá tó o. Ìṣẹ́jú kan, ó ti parí. Àmọ́ òun náà ló rọrùn jù láti ṣì láìfura, torí nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń jáde, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ máa fi wé e. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni kí wọ́n gbé ìdí sí ipò orí: wọ́n á fi VA sí òkè dípò VB. Ohun tó máa jáde ni 0.80, ó sì máa dà bí ohun gidi. Ẹ̀yin ẹ kàn rántí pé ṣíà tó ń mì jù kò lè gba ju ìdajì lọ láé. Tó bá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti yí i sódì.

Àṣìṣe kejì fara sin ju ìyẹn lọ. `VAR.S` ń fi iye oṣù dín kan pín, `COVARIANCE.P` ń fi iye oṣù pín gbáà. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á rí 20.5% dípò 20% nínú nọ́ńbà wa. Kò pọ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n á máa yà á lẹ́nu pé ìdáhùn rẹ̀ kò bá ti ẹlòmíì mu. `COVAR` àtijọ́ tó ṣì wà nínú Excel, ìdílé `.P` ló wà. Tí gbogbo wọn bá jẹ́ `.S`, tàbí tí gbogbo wọn bá jẹ́ `.P`, ìpín kan náà ló máa jáde.

Ọ̀nà kan wà tẹ́ ẹ lè fi yẹ ìdáhùn fọ́múlà wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Níbi tí ìmì bá ti kéré jù lọ, ṣíà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní kofáríáńsì kan náà pẹ̀lú àpapọ̀ owó. Ti A: 0.2 lọ́nà 27.2 jẹ́ 5.44, 0.8 lọ́nà 1.6 jẹ́ 1.28, àròpọ̀ 6.72. Ti B: 0.2 lọ́nà 1.6 jẹ́ 0.32, 0.8 lọ́nà 8 jẹ́ 6.4, àròpọ̀ 6.72. Wọ́n dọ́gba, ó sì tún bá fáríáńsì àtẹ wa mu. Ìdí rẹ̀ kò le: tí ọ̀kan bá ń dá kún ìmì ju èkejì lọ, ẹ lè gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún èkejì, ìmì á sì tún lọ sílẹ̀. Tí kò bá dọ́gba, ẹ kò tíì dé ìsàlẹ̀.

Ibi tí fọ́múlà ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ìgbà tí ṣíà méjèèjì bá jọ ń rìn jù. Ẹ mú kofáríáńsì, ẹ fi ìmì A àti ìmì B pín in, ẹ máa rí nọ́ńbà kan tí kì í kọjá 1 sókè tàbí -1 sísàlẹ̀. Ìbárìn ni mo ń pè é. Tiwa jẹ́ 0.11. Ẹ wá fi ìmì A pín ìmì B: 2.83 nínú 5.22 jẹ́ 0.54. Bí ìbárìn bá ti ju nọ́ńbà kejì yìí lọ, fọ́múlà máa pàṣẹ ìpín tó wà lábẹ́ òdo. Ká ní ìbárìn báńkì àti elépo jẹ́ 0.7, ìdáhùn á di -16%. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kẹ́ ẹ lọ yá ṣíà báńkì lọ́wọ́ ẹlòmíì, kẹ́ ẹ tà á, kẹ́ ẹ sì fi owó rẹ̀ ra B kún B. Alágbàtà tí ẹgbẹ́ wa ń bá ra ṣíà kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀ fún wa. Fún ṣíà méjì, ẹ sọ ọ́ di òdo, ẹ kó gbogbo owó sórí B, ẹ ò sì ṣìṣe, torí bí ẹ bá ṣe ń rìn kúrò ní ìsàlẹ̀ ìkòkò náà ni ìmì ń pọ̀ sí i. Ẹ má gbé àṣà yìí dé ọ̀dọ̀ ṣíà mẹ́ta o. Níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sọ ọ̀kan di òdo, ìpín àwọn tó kù gbọ́dọ̀ di ìṣirò tuntun.

Solver

Solver jẹ́ ohun tí Excel fi ń wá ìdáhùn fúnra rẹ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ tan án nínú `File > Options > Add-ins`, lẹ́yìn náà ó máa wà lábẹ́ `Data`. Ẹ fi ìpín A sínú àpótí kan, ẹ fi fáríáńsì àpapọ̀ sínú òmíràn, ẹ ní kó mú èyí kejì kéré jù nípa yíyí èyí àkọ́kọ́ padà. Fún ṣíà méjì, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: bí ẹni tó gbé mọ́tò lọ sí ilé tó wà lódìkejì òpópónà ni. Agbára rẹ̀ wà níbi tí ẹ bá ní òfin tẹ́ ẹ fẹ́ pa mọ́. Àpótí `Make Unconstrained Variables Non-Negative` ń rí sí i pé kò sí ìpín tó lọ sábẹ́ òdo, ẹ sì lè fi òfin mìíràn kún un, bíi pé ṣíà kan kò gbọ́dọ̀ ju 30% lọ. Tí ṣíà yín bá sì máa di márùn-ún lọ́la, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe fún méjì kò ní ṣòfò.

Ohun tó ń dà á láàmú ni nọ́ńbà kéékèèké. Tẹ́ ẹ bá kọ èrè bíi 0.06 dípò 6, fáríáńsì máa di 0.000672. Ó lè rò pé òun ti dé ìsàlẹ̀ nígbà tí kò tíì dé, kó sì dúró. Ẹ máa mọ̀ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìpín 0, tẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti 1, tí ìdáhùn méjèèjì kò bá dọ́gba. Kíkọ èrè bí 6 ti tó láti tún un ṣe. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó ni Excel, Google Sheets tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò sì ní Solver nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé e jáde.

Ọ̀nà ìyàtọ̀

Èyí ni mo fi ṣe tiwa níkẹyìn. Ẹ ṣe òpó kẹta, D, tó jẹ́ B yọ A lóṣù kọ̀ọ̀kan: -7, 7, -3, 1, -7, 3. Lẹ́yìn náà:

```
=SLOPE(C2:C7, D2:D7)
```

0.20 ló máa jáde. Kì í ṣe idán. Tí ìpín A bá jẹ́ w, èrè àpapọ̀ jẹ́ B yọ w lọ́nà (B yọ A). Ìlà tí `SLOPE` ń fà láàárín B àti ìyàtọ̀ náà ni èyí tó máa jẹ́ kí ohun tó ṣẹ́ kù mì kéré jù lọ, ohun tó ṣẹ́ kù yẹn gan-an sì ni owó wa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ìyàtọ̀ oṣù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sí ìpíndọ́gba òpó D, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, àròpọ̀ wọn jẹ́ 160, àròpọ̀ ti B pẹ̀lú D jẹ́ 32, ẹ fi 160 pín 32. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣì ni ẹni tó ṣáájú: èrè ṣíà B, ìyẹn C2 dé C7, ló ń wọlé sí `SLOPE` ṣáájú, òpó D lẹ́yìn.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ ni pé mo lè bi í bóyá ìdáhùn náà dá a lójú:

```
=INDEX(LINEST(C2:C7, D2:D7, TRUE, TRUE), 2, 1)
```

Ó fún mi ní 0.229. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọlé dáadáa. Ìpín tá a rí jẹ́ 20%, àṣìṣe tó lè wà lórí rẹ̀ sì jẹ́ 23%. Tá a bá fẹ́ kó dá wa lójú dé 95%, pẹ̀lú oṣù mẹ́fà péré, ìpín tòótọ́ lè wà níbikíbi láti -44% dé 84%. Ohun tí fọ́múlà sọ pé ó jẹ́ 0.20 géérégé, àtẹ sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ nǹkan kan fún wa. Ká ní oṣù 60 la ní, tí ṣíà méjèèjì sì ń mì bákan náà, àṣìṣe yẹn á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 6%, ìpín tòótọ́ á sì wà láàárín 8% àti 32%. Ìgbà yẹn lọ̀rọ̀ tó ní ìtumọ̀. Àtẹ, fọ́múlà àti Solver kò lè sọ èyí fún yín. Tẹ́ ẹ bá fún wọn ní oṣù mẹ́fà, wọ́n á dáhùn bí ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń ba gbogbo wọn jẹ́

Tí nọ́ńbà tó wọlé bá ti bàjẹ́, kò sí ọ̀nà tó máa yọ yín. Ní ọjà ṣíà Èkó, àwọn ṣíà kan wà tó lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìsí ẹni tó rà tàbí tó tà. Iye owó wọn á dúró sójú kan lórí ìwé, bí omi inú àmù. Ìṣirò wa kò mọ̀ pé òkú ni, ó rò pé onísùúrù ni, á sì kó gbogbo owó yín lé e lórí. Ẹ ka iye oṣù tí èrè rẹ̀ jẹ́ òdo gan-an. Tí wọ́n bá ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ nínú ọdún kan, ẹ yọ ṣíà náà kúrò nínú ìṣirò yìí. Ìdí rẹ̀ náà nìyẹn tí mo fi ń lo èrè oṣooṣù, tí mi ò lo ti ojoojúmọ́.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ṣíà ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń pín. Tí wọ́n bá fún yín ní ẹyọ kan lórí ẹyọ kan, iye owó rẹ̀ lọ́jà á já sí ìdajì lọ́jọ́ kan, kò sì sí owó kankan tó sọnù lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò tún un ṣe á kọ -50% sínú òpó, oṣù kan yẹn nìkan á sì borí gbogbo èyí tó kù.

Àwọn ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti ra ṣíà, ìpín tiyín lè yàtọ̀ sí tiwa bó tiẹ̀ jẹ́ ṣíà kan náà, torí pọ́n-ùn tàbí dọ́là lẹ fi ń ka owó. Ẹ sọ èrè oṣù kọ̀ọ̀kan di owó tẹ́ ẹ ń ná kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí báńkì àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà, ṣíà méjèèjì ló já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lójú ẹni tó ń ka dọ́là, ìbárìn wọn á sì ga ju èyí tí àwa rí ní náírà lọ.

Ta ló yẹ kó mú èwo

Tó bá jẹ́ pé iwájú àwọn èèyàn lẹ fẹ́ gbé e kalẹ̀, bíi ti ẹgbẹ́ wa, àtẹ ìdánwò ni kẹ́ ẹ mú. Kò sẹ́ni tó máa gba fọ́múlà gbọ́ ní ìpàdé, ṣùgbọ́n wọ́n á gba ohun tí wọ́n fojú rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ jókòó ìdánwò ìṣirò owó, fọ́múlà ni tiyín, ẹ sì há ìyẹ̀wò kofáríáńsì sórí pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó ní òfin lórí ìpín rẹ̀, tàbí tó mọ̀ pé ṣíà òun kò ní dúró sí méjì, kó lọ kọ́ Solver báyìí. Ẹni tó ń fi owó gidi ṣe é, tó sì ní èrè oṣooṣù ọdún márùn-ún nílẹ̀, kó lo ọ̀nà ìyàtọ̀, kó sì wo `LINEST` kó tó ra ohunkóhun. Tí oṣù tẹ́ ẹ ní kò bá tó 24, èrò tèmi ni pé kẹ́ ẹ má ṣe ìṣirò kankan: ẹ fún èyí tó ń mì jù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin, kẹ́ ẹ máa kó nọ́ńbà jọ.

Ní tiwa, àtẹ ni mo tẹ̀ sórí ìwé tí mo pín fún wọn. Bàbá wọ awò ojú rẹ̀, ó fi ìka tọ gbogbo ìlà náà láti òkè wálẹ̀, ó dúró sórí 40%, ó ní, “Akápò, ìyẹn ni pé èyí kò dẹ́rù bani ju tèmi lọ, ó sì tún ń mówó wọlé jù ú?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, àmọ́ oṣù mẹ́fà péré la fi rí i. Ó ká ìwé náà sínú àpò agbádá rẹ̀, ó ní ká lọ wá ti ọdún márùn-ún wá.